Dída Kọnkéré Adágún Ẹja Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn: Ìgbà Tí Kẹ́míkà Wúlò, Ìgbà Tí Kò Wúlò

Àwọn adágún ẹja àrọ̀ tí wọ́n kọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, tí wọ́n ń jò báyìí, ló fa ìwé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ bí wọ́n ṣe ń po kọnkéré àti bí wọ́n ṣe ń to irin, a ò ní padà sórí ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ bá yín sọ: omi tí ẹ ń bù sí kọnkéré tó ti ń gan.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, oòrùn ti mú, kọnkéré tó wà nílẹ̀ ti ń le. Lébìrà á ké pé, "Ó ti ń gan o, ẹ bu omi sí i!" Bíríkìlà á bù ú, kọnkéré á rọ̀, iṣẹ́ á máa lọ. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50, omi tó sì yẹ ẹ́ fún adágún ò gbọdọ̀ ju lítà 25 lọ, pẹ̀lú omi tó ti wà nínú yanrìn tútù. Tí ẹ bá sọ ọ́ di lítà 30, agbára kọnkéré náà á dín ní bí ìdá kan nínú márùn-ún, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó ṣẹ́ kù á fà gbẹ, á fi ihò tíntìntín sílẹ̀. Ibẹ̀ ni omi adágún ń gbà jáde.

Ooru ló ń fa wàhálà náà. Tí kọnkéré bá fi ìwọ̀n ooru 5 sí 6 gbóná sí i, àkókò tó fi ń le máa ń dín ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Kẹ́míkà tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni, iṣẹ́ wọn kò sì jọra.

Èkíní ni pílásítísáísà. Ó ń jẹ́ kí kọnkéré rọ̀ láìjẹ́ pé ẹ fi omi kún un, tàbí kí ẹ dín omi kù kí ó sì rọ̀ bó ṣe yẹ. Èkejì ni rìtádà, òun ló ń dá líle sìmẹ́ńtì dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wo ara kẹ́ẹ̀gì: tí wọ́n bá kọ ASTM C494, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń pín kẹ́míkà kọnkéré sí oríṣi, síbẹ̀, ẹ wá lẹ́tà tó tẹ̀lé e. A ni pílásítísáísà, B ni rìtádà, D sì ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Tí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi lẹ́tà náà hàn yín, ẹ má rà á.

Ẹ jẹ́ ká mú adágún kan tó gùn ní mítà 6, tó fẹ̀ ní mítà 4. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ìyẹn ń lọ sí bíi àpò 23, tí ẹ bá ń lo àpò kan sí bárò yanrìn kan àti bárò gúránáìtì méjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ pẹ̀lú míkísà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, ẹ ó parí kí oòrùn tó mú. Kí lẹ wá fẹ́ fi rìtádà ṣe níbẹ̀? Yóò pa yín lára ni. Atẹ́gùn á gbẹ ojú rẹ̀, abẹ́ á ṣì rọ̀, bíríkìlà á gbà pé ó ti tó láti fi tírọ́ọ̀lù dán, ojú náà á sì là. Pílásítísáísà A nìkan ló tó fún ìsàlẹ̀: lítà 23 omi fún àpò kan dípò 25.

Ògiri ni tirẹ̀ yàtọ̀. Ká ní ó ga ní mítà 1.2, ó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15: òun náà ń jẹ bíi àpò 23. Ẹ kò lè dà á lẹ́ẹ̀kan, ipele sẹ̀ǹtímítà 30 ni ẹ ó máa dà yíká, ipele mẹ́rin. Ìpele kan ń jẹ bíi àpò mẹ́fà, páànù ni wọ́n sì fi ń rù ú lọ sínú fọ́ọ̀mù tóóró. Kí ẹ tó yí padà dé igun tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìpele àkọ́kọ́ ti lè le jù. Kọnkéré tuntun kò ní wọ inú rẹ̀, ìlà á sì wà láàárín wọn. A rí ìlà yìí lára adágún kan: ó tẹ́ gbọọrọ yí ògiri ká bí ẹni fi rúlà fà á, omi ń sun lójú rẹ̀, ewédò ti hù síbẹ̀. Rírẹ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kò dí i.

Níbí ni D ti wúlò. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì pé mílílítà 300 fún kílò 100 sìmẹ́ńtì, 150 ni ti àpò kan. Àpò 23 á gba lítà 3.45, kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó. Ẹ fi fídà ọmọdé tó ní àmì wọ̀n ọ́n, kí ẹ má sì fún ọmọ lóúnjẹ nínú rẹ̀ mọ́. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì kì í ṣe òṣùwọ̀n! Fún àpò kan, ẹ kọ́kọ́ da lítà 20 omi sínú míkísà, ẹ pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì, yanrìn àti gúránáìtì, kí ẹ tó da kẹ́míkà náà sínú lítà 3 tó kù, kí ẹ sì rọ ọ́ sí i. Ẹ má dà á lé sìmẹ́ńtì gbígbẹ.

Kí ẹ tó da ìpele tuntun lé èyí tó wà nílẹ̀, ẹ ki róòdù mílímítà 12 bọ inú rẹ̀. Tó bá wọlé láìjẹ́ pé ẹ fi agbára tì í, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, kí ẹ sì ki róòdù tàbí fáíbírétọ̀ gba inú ìpele tuntun bọ ti ìsàlẹ̀. Tí kò bá wọlé, ó ti pẹ́ jù, kò sí kẹ́míkà tó lè tún un ṣe.

Kò sí ìkankan nínú méjèèjì tó ń dá oòrùn dúró. Gúránáìtì ló pọ̀ jù nínú kọnkéré, nítorí náà ẹ wọ́n omi sí i láàárọ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó ro. Ẹ má lo omi táǹkì dúdú tó ti wà nínú oòrùn látàná, ti kànga ló dára. Ẹ rin ilẹ̀ àti pákó kí ẹ tó dà á. Ẹ fi tapólì bo kọnkéré kété tí ẹ bá dà á tán, kí ó sì máa tutù fún ọjọ́ méje.

Àwọn kan ń fi ṣúgà rọ́pò rìtádà. Òótọ́ ni pé ṣúgà ń dá sìmẹ́ńtì dúró, ṣùgbọ́n gíráàmù 50 nínú àpò kan ti pọ̀ jọjọ, tí ọwọ́ bá sì fi díẹ̀ ṣì, kọnkéré náà lè má le mọ́. Ẹ fi ṣúgà sílẹ̀ fún ẹ̀kọ.

Rìtádà tó pọ̀ jù náà lè mú kí ògiri rọ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má tú pákó, ẹ má sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ó sábà máa ń le nígbẹ̀yìn. Kódà tí òṣùwọ̀n bá pé, ẹ fi ọjọ́ kan kún iye tí ẹ fi ń tú pákó ògiri tẹ́lẹ̀.

Ẹ dán àpò kan wò lọ́jọ́ tó ṣáájú, ní aago kan ọ̀sán, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì àti kẹ́míkà tí ẹ fẹ́ lò gan-an. Ẹ da díẹ̀ sínú rọ́bà pẹ́ńtì, ẹ gbé e sí oòrùn, ẹ máa ki róòdù bọ̀ ọ́ ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí. Wákàtí tí kò wọlé mọ́ ni gbèdéke yín. Tí kò bá tó àkókò tí ẹ fi ń yí ògiri náà po, ẹ wá lébìrà kún lébìrà, tàbí kí ẹ da ògiri náà ní alẹ́.