Fíìtì nóòtì ní Ìlú Ọba: ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, àti ìgbà tó yẹ kí ọ̀gá yín rí i

Ẹ̀yin ará wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba, pàápàá ní ilé ìtọ́jú arúgbó, ni a kọ ìwé yìí fún. Ohun méjì ló wà tí ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ọ̀kan náà ni: kí ẹ sọ fún ọ̀gá pé ara yín ò yá, àti kí ẹ fi ìwé dókítà, ìyẹn fíìtì nóòtì, ránṣẹ́. Òfin yà wọ́n sọ́tọ̀, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ sí ara wọn sì ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Sísọ ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ẹ wo ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín, ẹ wo àsìkò tí wọ́n ní kí ẹ sọ fún wọn. Bí wọn ò bá dá àsìkò kankan, ẹ ní ọjọ́ 7. Bí ẹ bá pẹ́ láìnídìí tó dáa, ọ̀gá lè má san owó àìsàn àwọn ọjọ́ tí ẹ fi pẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwé dókítà ló pẹ́, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti torí ìyẹn di owó àìsàn tí òfin là sílẹ̀ mú. Nítorí náà, ẹ tètè fi àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ímeèlì sọ fún wọn, kí ẹ̀rí ọjọ́ àti wákàtí lè wà lọ́wọ́ yín.

Bí àìsàn ò bá ju ọjọ́ 7 lọ, ẹ ò nílò ìwé dókítà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ọ́, lórí fọ́ọ̀mù SC2 tàbí ti iléeṣẹ́ yín: ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, àti ohun tó ṣe yín. Àwọn ọjọ́ tí ẹ ò ní ṣíìfùtì wà nínú ọjọ́ 7 náà, Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú.

Láti ọjọ́ kẹjọ lọ ni wọ́n lè béèrè fíìtì nóòtì. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀ fún un. Láti oṣù Keje ọdún 2022, kì í ṣe dókítà nìkan ló lè kọ ọ́: nọ́ọ̀sì, apòògùn, àti àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti egungun lè kọ ọ́, bí wọ́n bá ti yẹ̀ yín wò. Wọ́n lè yẹ̀ yín wò lórí fóònù.

Kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ yín wò, àìsàn tó ń ṣe yín, bóyá ẹ ò lè ṣiṣẹ́ rárá tàbí ẹ lè ṣe é bí wọ́n bá dín in kù, àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ àti àdírẹ́sì ilé ìwòsàn rẹ̀. Wọn ò fi dandan béèrè ìfọwọ́sí pẹ̀lú báírò mọ́. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí ọ̀gá mọ àìsàn náà gan-an torí pé ó lè ṣe yín ní jàǹbá níbi iṣẹ́, ẹ sọ fún dókítà. Ó lè kọ ọ́ lọ́nà tí kò ní tú àṣírí.

Déètì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìyá Àyọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọjọ́ 7 tirẹ̀ parí ní Sọ́ńdè, àmọ́ Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ kejì ló tó rí dókítà. Dókítà kọ "ọ̀sẹ̀ méjì" láìkọ déètì kankan. Ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n ti máa kà á, ìyẹn Tọ́sìdeè. Mọ́ńdè, Túsìdeè àti Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ kejì yẹn ò ní ìwé tó bò wọ́n. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó sọ fún dókítà nígbà àyẹ̀wò pé Mọ́ńdè lòun ti nílò ìwé, kí wọ́n kọ "láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí". Dókítà lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ bó bá gbà pé àìsàn náà ti wà nígbà yẹn.

Ẹni tí iléeṣẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ físà fún gbọ́dọ̀ ṣọ́ irú àlàfo yìí gidigidi. Bó bá ju ọjọ́ iṣẹ́ 10 léraléra lọ tí ẹ ò wá, tí ẹ ò sì gba àyè, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ara rẹ̀ níbẹ̀ nítorí déètì.

Ní ọjọ́ tí ìwé bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ̀dà nìkan ni iléeṣẹ́ nílò, ojúlówó rẹ̀ tiyín ni. Bí ara bá yá kí déètì orí ìwé tó pé, ẹ lè bá ọ̀gá sọ ọ́ kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ìwé mìíràn tí ẹ máa lọ gbà.