Ẹ Má Tíì Pa Láptọ́ọ̀pù Yẹn: Àṣìṣe Tó Ń Ba Ẹ̀rí Kọ̀ǹpútà Jẹ́ Kó Tó Dé Kóòtù

Ká ní ọ́fíìsì kan wà ní Wuse 2, ní Abuja, tí owó oṣù ń jáde níbẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ọ̀gá ń fura sí akáùńtáǹtì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n ní kó dìde kúrò nídìí tábìlì. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣì wà ní títàn, Excel wà ní ṣíṣí lójú rẹ̀. Ọ̀gá bá pe ọmọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn: "Àbúrò, bá mi pa nǹkan yìí, kó o gbé e sínú bọ́ọ̀tù mi. Mọ́ńdè la máa gbé e fún lọ́yà."

Bí àbúrò bá ṣe bí wọ́n ṣe wí, lọ́yà akáùńtáǹtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre.

Pípa á kí ẹ tó gba mẹ́mọ̀rì

Ohun tó wà nínú ráàmù, ìyẹn mẹ́mọ̀rì ẹ̀rọ, kì í dúró de ẹnikẹ́ni tí iná bá kúrò lára ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ wà, àti àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ ń bá sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sínú Excel tí wọn kò tíì fi pamọ́. Èyí tó wúwo jù níbẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ìyẹn ètò tí Windows fi ń ti dísìkì pa. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Windows 11 ló máa ń ti dísìkì ara wọn láìjẹ́ pé olówó ẹ̀rọ mọ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà ní títàn, tí wọ́n sì ti wọlé sí i, dísìkì ṣí sílẹ̀. Ẹ pa á, ẹ ó sì máa wá nọ́ńbà oníye 48 tó ń ṣí i, èyí tí ó lè jẹ́ pé inú àkáǹtì Microsoft ti ẹni tí ẹ ń fura sí gan-an ló wà. Ẹ wá lọ bẹ̀ ẹ́ kó fún yín.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ bó ṣe wà. Ẹ fi ṣájà sí i, torí bí NEPA bá mú iná lọ tí bátìrì sì kú, ẹ ti pa á nìyẹn. Kí ẹnì kan máa fọwọ́ kan máòsì kó má bàa sùn kó sì ti ojú ara rẹ̀ pa. Lẹ́yìn náà, ẹ ki fláàṣì tí irinṣẹ́ ìgba-mẹ́mọ̀rì wà nínú rẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣí ojú àṣẹ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó:

```
E:\winpmem_mini_x64_rc2.exe E:\mem.raw
manage-bde -protectors -get C:
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń da gbogbo ohun tó wà nínú ráàmù sórí fláàṣì. Ìlà kejì ń fi nọ́ńbà oníye 48 hàn, tí BitLocker bá wà lára ẹ̀rọ náà. Àṣìṣe kan wà níbí tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó tiẹ̀ mọ iṣẹ́: fláàṣì tuntun láti ọjà sábà máa ń wà ní FAT32, FAT32 kì í sì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó tó 4GB. Bí ráàmù bá jẹ́ 16GB, ìdàkọ yóò já lágbedeméjì. Ẹ ti tún fláàṣì náà ṣe sí exFAT tàbí NTFS láti ilé.

Kí ẹ tó pa ẹ̀rọ, ẹ gbé fáìlì náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ fi Volatility, irinṣẹ́ tó ń ka irú fáìlì mẹ́mọ̀rì bẹ́ẹ̀, dán an wò:

```
vol -f mem.raw windows.info
```

Bí ó bá sọ irú Windows tó jẹ́ àti aago tó wà lára ẹ̀rọ, ó dára. Bí kò bá lè kà á, ẹ ṣì láǹfààní láti tún un gbà. Ẹni tó pa ẹ̀rọ tán kó tó yẹ̀ ẹ́ wò kò ní i mọ́.

Òótọ́ ni pé fláàṣì tí ẹ kì bọ̀ ọ́ yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú Windows, irinṣẹ́ náà yóò sì gba ààyè díẹ̀ nínú mẹ́mọ̀rì. Kò sẹ́ni tó lè yẹra fún ìyẹn. Ẹ kọ aago tí ẹ ki fláàṣì náà bọ̀ ọ́ àti nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó bá rí i lẹ́yìn ọ̀la lè mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

"Jẹ́ kí n kàn wo fáìlì kan"

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ náà, ẹ má tún tàn án torí pé ẹ fẹ́ wo fáìlì kan. Windows kì í tàn lásán. Bó bá ti ń dìde, ó ń kọ nǹkan tuntun sórí dísìkì, ó ń yí ọjọ́ àti aago ọ̀pọ̀ fáìlì padà, ó sì lè kọ lé fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ lórí. Dídà fáìlì sórí fláàṣì náà kò tó: àwọn tó hàn sójú nìkan lẹ máa rí gbé.

Ẹ yọ dísìkì náà, ẹ fi í sára ráìtì-bulọ́kà, ìyẹn irinṣẹ́ kékeré tó ń jẹ́ kí a ka dísìkì ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ohunkóhun kọ sórí rẹ̀, kí ẹ wá da gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí Linux:

```
sudo dc3dd if=/dev/sdb hof=lap01.dd hash=sha256 log=lap01.log
```

Ẹ yẹ `/dev/sdb` wò lẹ́ẹ̀mejì. Irinṣẹ́ yìí ń ṣírò háàṣì dísìkì àti ti ẹ̀dà pọ̀, ìyẹn àmì tí a ṣírò láti inú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, tó sì máa ń yí padà bí ohunkóhun bá yí níbẹ̀, ó sì ń fi méjèèjì wéra. Bí dísìkì bá jẹ́ SSD, ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí pé ó lè máa nu àyè àwọn fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ nínú ara rẹ̀ nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀. Ráìtì-bulọ́kà kò lè dá ìyẹn dúró.

Ìwé tó ní ihò

Ká padà sọ́dọ̀ bọ́ọ̀tù mọ́tò ọ̀gá. Láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì sí àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ta ni láptọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò? Dírẹ́bà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé háàṣì yóò dáhùn fún wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Háàṣì tí ẹ ṣírò ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ajé fi hàn pé ẹ̀dà náà kò yí padà láti aago méjì lọ. Kò sọ ohunkóhun nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí dísìkì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìwé ìtọpa ẹ̀rí nìkan ló lè sọ ìyẹn.

Ìwé náà kì í ṣe nǹkan ńlá. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni irú ẹ̀rọ náà, nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ti dísìkì inú rẹ̀, nọ́ńbà síìlì àpò tí ẹ fi í sí, háàṣì, àti ìlà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn: ẹni tó fún, ẹni tó gbà, ọjọ́, aago, ìdí, ìbuwọ́lùwé àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá tiẹ̀ já síìlì láti yọ ṣájà, ìlà tuntun nìyẹn, síìlì tuntun náà sì nìyẹn.

Ẹ kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín aago láptọ́ọ̀pù àti aago tòótọ́ pẹ̀lú. NTFS ń tọ́jú àkókò ní UTC, tiwa sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Ẹni tó rí 08:14 nínú irinṣẹ́ lè sọ pé akáùńtáǹtì kò tíì dé ibi iṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé 9:14 ni ní Abuja.

Àwọn kan ń rò pé sátífíkéètì abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011, tí wọ́n tún ṣe ní 2023, lè dípò ìwé yìí. Sátífíkéètì náà ṣe pàtàkì lóòótọ́: nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson ní 2012, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kò gba àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí pé wọn kò mú àwọn ohun tí abala yẹn béèrè ṣẹ. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà ṣe ṣiṣẹ́ ló ń sọ. Kì í sọ ẹni tó gbé e sínú bọ́ọ̀tù.

Bí ihò bá ti wà nínú ìwé náà, ẹ má ṣe padà lọ dí i pẹ̀lú ọjọ́ àtijọ́ àti bíírò mìíràn. Ẹ fi ààyè náà sílẹ̀ ní òfìfo. Kí ọ̀gá àti dírẹ́bà kọ gbólóhùn tiwọn lọ́tọ̀, kí wọ́n sọ ibi tí mọ́tò sùn àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ gan-an sí i.