Àfikún ọ̀tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àṣírí nínú mínìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Àkúrẹ́. Bí ọ̀rọ̀ gbèsè ẹnìkan bá wáyé nípàdé, ẹ má kọ kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ sínú mínìtì tí gbogbo ẹgbẹ́ máa kà. Nọ́ńbà ọ̀rọ̀ náà àti gbólóhùn ṣókí nìkan ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀: “7. Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan. Ìgbìmọ̀ ti pinnu. Ẹ wo Àfikún A.” Bí ẹ bá kọ “Gbèsè ìyá aláṣọ Ọjà Ọba”, àkòrí yẹn ti tú àṣírí náà.

Orúkọ, iye owó àti ìpinnu á wà nínú Àfikún A, pẹ̀lú déètì, nọ́ńbà 7 kan náà àti àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á. Fáìlì ọ̀tọ̀ ni o! Bí ẹ bá kàn fi dúdú bo ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá kọ́pì í ṣì lè kà á. Nípàdé tó tẹ̀ lé e, àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ yẹn nìkan ni yóò yẹ Àfikún A wò, kí alága àti akọ̀wé tó fọwọ́ sí i.