Bí mo ṣe gba ìwé lọ́wọ́ Bàbá onílé pé owó ilé mi kò ní í yí padà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹrin ọdún 2025, Bàbá onílé wa sọ fún mi ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìkòròdú pé, "Ìyá Tóbi, fọkàn balẹ̀, a kò ní í fi kún owó ilé rẹ ná." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, inú mi sì dùn títí mo fi gun àtẹ̀gùn dé yàrá mi, kí n tó rántí ọ̀rọ̀ kékeré tó gbẹ̀yìn gbólóhùn náà. Ẹni tó bá sọ pé òun kò ní í ṣe nǹkan ná, kò sọ pé òun kò ní í ṣe é. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà ni owó tí mo san yóò tán, ₦600,000 ni mo sì ń san lọ́dún fún yàrá méjì àti pálọ̀. Mo pinnu ní alẹ́ ọjọ́ náà pé n óò padà lọ bẹ Bàbá kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, láìsí "ná" nínú rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo rí Bàbá bí ẹni tí kì í mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò mi tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Bàbá ti ṣèlérí fún un lẹ́nu pé ₦450,000 ni yóò máa san lọ, àmọ́ ní oṣù kìíní, Dáwódù Bàbá gbé àbójútó ilé náà fún ejẹ́ǹtì kan. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí owó aládùúgbò mi tán, ejẹ́ǹtì mú lẹ́tà wá pé owó ilé rẹ̀ ti di ₦700,000. Ó sáré tọ Bàbá lọ. Bàbá rántí ìlérí náà dáadáa, kò sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ejẹ́ǹtì ní tirẹ̀ kò rí ìwé kankan, kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀.

Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó lórí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011, gba ayálégbé láàyè láti lọ sílé ẹjọ́ bí ó bá rí i pé owó tí wọ́n fi kún owó ilé òun kò bọ́gbọ́n mu, ilé ẹjọ́ yóò sì wo iye tí wọ́n ń gbà lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Òfin náà kò dá iye kan pàtó sílẹ̀ tí onílé kò gbọdọ̀ kọjá. Nítorí náà, ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé kóòtù gbọ́dọ̀ wá àdéhùn tó yè kooro kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó mú bírò, mo kọ́kọ́ gbé ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2022 jáde, mo sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tó ní wọn yóò máa ṣe àtúnyẹ̀wò owó ilé ní ọdún méjì méjì. Bàbá fi ₦100,000 kún un ní ọdún 2024 lóòótọ́, nítorí náà, bí a bá tẹ̀lé ìwé yẹn, àtúnyẹ̀wò mìíràn kò yẹ kó wáyé títí di ọdún 2026. Mo ti fẹ́ fi ìwé náà síbẹ̀ kí n sọ pé ó tó, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọdún kan ṣoṣo ni àdéhùn náà wà fún, àti pé láti ọdún 2023 ni a ti ń san owó, tí a ń gba rìsíìtì, láìkọ òmíràn. Mo fi han lọ́yà kan tí a jọ wà ní ìjọ. Ó ní mo lè jiyàn pé àwọn ìlànà inú rẹ̀ ṣì ń bá wa lọ, ṣùgbọ́n ejẹ́ǹtì náà lè jiyàn pé ó ti kú. Ìwé kékeré kan tí Bàbá fọwọ́ sí yóò gbà wá lọ́wọ́ iyàn náà.

Lọ́yà náà tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe kọ "ọdún tó ń bọ̀" sínú ìwé náà. Èmi mọ̀ pé ọdún ilé mi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka "ọdún tó ń bọ̀" ní oṣù kẹrin ọdún 2025 lè sọ pé oṣù kìíní ọdún 2026 ni, tàbí kó sọ pé ìlérí náà parí ní oṣù kejìlá. Ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ohun tí mo kọ nìyí, ní èdè Yorùbá, kí Bàbá lè fi ojú ara rẹ̀ kà á:

"Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí, tí mo jẹ́ onílé, gbà pé owó ilé yàrá méjì àti pálọ̀ tó wà lókè, lápá ọ̀tún, nínú ilé mi, yóò jẹ́ ₦600,000 (ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà) láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025 títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà ọdún 2026. A kò ní í fi ohunkóhun kún iye yìí láàárín àkókò náà, a kò sì ní í gba owó àdéhùn tàbí owó ejẹ́ǹtì tuntun lórí rẹ̀. Owó omi àti owó ọlọ́dẹ tí gbogbo ayálégbé ń dá lóṣooṣù kò sí nínú iye yìí."

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onílé ló ṣe láǹfààní. Owó omi àti ti ọlọ́dẹ máa ń lọ sókè bí epo jẹnẹrétọ̀ bá wọ́n, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo fẹ́ fi ìwé yìí sá fún un. Mo kọ àdírẹ́ẹ̀sì ilé náà sókè, mo fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ, ìfọwọ́sí àti ọjọ́ fún èmi àti Bàbá, àti fún ẹlẹ́rìí méjì. Mo tẹ ẹ̀dà mẹ́ta. Mo tún ṣe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, mo sì so ó mọ́ ọn, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, wọn yóò bèèrè fún ìtumọ̀.

Mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo sì bẹ Ìyá Àgbà tó ti ń gbé nínú ilé náà fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n bá mi lọ. Bàbá ka ìwé náà tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò tó ọ ni?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti lè bàjẹ́. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ yín tó mi, ó sì ṣẹ́kù. Àwọn tí kò sí níbí nígbà tí ẹ sọ ọ́ ni mo kọ ìwé yìí fún." Ìyá Àgbà rán wọn létí ọ̀rọ̀ aládùúgbò wa. Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ó hàn lójú wọn pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn wọ́n, nítorí wọn kò fẹ́ kí a máa pè wọ́n ní ẹni tó yẹ àdéhùn.

Wọ́n wá ní àwọn yóò fọwọ́ sí i bí a bá lè fi kún un pé "bí ọjà kò bá yí padà". Mo mọ̀ pé bí mo bá gba gbólóhùn yẹn, kò sí ohun tó kù nínú ìwé náà, nítorí ọjà kì í dúró lójú kan ní Nàìjíríà, kò sì sí ẹni tí yóò wọn ìyípadà náà fún wa. Dípò kí n bá wọn jiyàn, mo bi wọ́n léèrè ohun tó ń ká wọn lára gan-an. Òrùlé ló ń jò; káfíńtà fẹ́ gba owó kí òjò tó wọlé pátápátá. Mo ní bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, n óò san gbogbo ₦600,000 náà kí oṣù karùn-ún tó parí, oṣù kan ṣáájú àkókò, kí ìwé náà sì dúró láìní "bí". Ojú Bàbá là. Wọ́n ní kí n fi ìyẹn kọ ọ́, mo sì fi bírò kọ gbólóhùn náà sísàlẹ̀ ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwa méjèèjì sì kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí lọ́yà gbọ́, ó ní ohun tó dára jù lọ nínú ìwé náà nìyẹn, torí pé ìlérí tí ẹnìkejì fi nǹkan gbà lágbára níwájú òfin ju ìlérí ọ̀fẹ́ lọ.

Bàbá fọwọ́ sí i. Ìyá Àgbà àti ọmọ Bàbá tó ń gbé nílé ṣe ẹlẹ́rìí. Mo mú ẹ̀dà kẹta lọ fún ejẹ́ǹtì ní ọjọ́ kejì, mo sì ní kó kọ "mo gbà á" àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà tèmi. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní owó ilé lè dúró, ṣùgbọ́n gbogbo ayálégbé ni yóò san owó àdéhùn tuntun. Mo fi ìka tọ́ ibi tí a ti kọ ọ́ pé a kò ní í gba irú owó bẹ́ẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fọwọ́ sí i.

Mo fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì Bàbá ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù karùn-ún, mo sì kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí sínú àyè àlàyé tó wà lórí fóònù. Rìsíìtì àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi kàn sọ pé "owó ilé 2025, ₦600,000". Mo dá a padà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Òfin ọdún 2011 yẹn ní rìsíìtì gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ tí a gba owó, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti àkókò tí owó náà wà fún. Mo tún bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n kọ "ó pé" sí i, nítorí rìsíìtì tí kò ní ọ̀rọ̀ yẹn lè di àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ béèrè àṣẹ́kù. Ọmọ Bàbá kọ òmíràn, ó sì pé.

Ní oṣù kẹsàn-án, ejẹ́ǹtì pín lẹ́tà owó tuntun fún gbogbo ilé. Tèmi náà wà nínú rẹ̀, ₦850,000. Mo mú ìwé àti rìsíìtì sọ̀kalẹ̀ lọ bá a ní ẹnu géètì. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó gba lẹ́tà náà padà lọ́wọ́ mi, ó sì kọ "oṣù keje 2026" sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yàrá mi nínú ìwé rẹ̀.