Bí a ṣe ń to rọ́sítà nọ́ọ̀sì kí iṣẹ́ òru má baà wọ ẹnì kan lọ́rùn

Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, ẹni tí òru bá kàn máa ń ṣe é ní òru 7 léraléra kó tó sinmi. Àwọn nọ́ọ̀sì kan fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí ìsinmi gígùn tó ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n oorun ọ̀sán kì í tó oorun òru. Àárẹ̀ á máa gorí àárẹ̀, ẹni tó ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ ní aago mẹ́rin ìdájí òru kẹfà kì í ṣe ẹni tó wọlé ní òru àkọ́kọ́ mọ́. Òru 2 péré léraléra ni mo fara mọ́, bí a sì ṣe ń tò ó nìyí.

Ẹ jẹ́ ká mú wọ́ọ̀dù tó ní nọ́ọ̀sì 8, láìka mátírọ́ọ̀nù tó ń wá ní àárọ̀ nìkan. Iṣẹ́ àárọ̀ jẹ́ aago 8 sí aago 2, ti ọ̀sán jẹ́ aago 2 sí aago 8 alẹ́, ti òru jẹ́ aago 8 alẹ́ sí aago 8 àárọ̀. Nọ́ọ̀sì 2 ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ kọ òfin ìsinmi sílẹ̀. Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, nínú ìmọ̀ràn nọ́ńbà 157 ti ọdún 1977 lórí àwọn nọ́ọ̀sì, ní kí ìsinmi tó wà láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì tó wákàtí 12, kí ti ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 48, kó má ṣe dín sí 36 láé.

Lẹ́yìn náà, ẹ to ọjọ́ 8 tẹ̀léra: àárọ̀ 2, ọ̀sán 2, òru 2, ìsinmi 2. Nọ́ọ̀sì kìíní bẹ̀rẹ̀ lónìí, èkejì lọ́la, ẹ̀kẹta lọ́tùúnla, títí dé ẹ̀kẹjọ. Iṣẹ́ ń sún síwájú ni, kì í padà sẹ́yìn, nítorí náà òru kan sí èkejì nìkan ni àlàfo ti kéré jù, wákàtí 12 géérégé. Ẹni tó jáde lóru kejì ní aago 8 àárọ̀ kò ní padà wọlé títí wákàtí 48 fi pé.

Bí ẹ bá ń lo Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, ẹ kọ orúkọ sí A2 dé A9, kí ẹ fi èyí sí B2, kí ẹ sì fà á dé BE9 fún ọjọ́ 56. A ni àárọ̀, S ni ọ̀sán, R ni òru, I ni ìsinmi.

```
=MID("AASSRRII",MOD(COLUMN()-ROW(),8)+1,1)
```

Ọjọ́ 8 kò bá ọjọ́ 7 tó wà nínú ọ̀sẹ̀ dọ́gba, ibẹ̀ gan-an ni ìdọ́gba ti wá. Àtẹ náà ń yẹ̀ ní ọjọ́ kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ 8 bá fi pé, oníkálùkù á ti ṣe òru 14: òru Sátidé 2, òru Sọ́ńdè 2, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tó kù. Kò sí ẹni tí wọ́n ń gbé òru òpin ọ̀sẹ̀ lé lórí torí pé kì í ráhùn.

Ẹ wo bí ẹ ṣe to orúkọ náà dáadáa. Ẹni méjì tí orúkọ wọn tẹ̀ léra ló máa ń bá ara wọn pàdé lóru, ìkẹjọ sì ń bá ìkíní pàdé. Ẹ fi àgbà iṣẹ́ kan, ẹni tuntun kan, àgbà kan, ẹni tuntun kan, ṣe é lọ. Ẹni tuntun méjì kò ní dá wọ́ọ̀dù dì mú lóru láé.

Àtẹ yìí ní ibi tó kù sí. Wákàtí 42 lọ́sẹ̀ ni, ìsinmi rẹ̀ sì ń wá ní ọjọ́ 8, kì í ṣe 7. Níbi tí àdéhùn bá jẹ́ 40, wákàtí 16 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi lé lọ́sẹ̀ 8, ẹ dá a padà fún wọn ní ọjọ́ ìsinmi. Ìdí nìyí tí ẹ fi nílò nọ́ọ̀sì kẹsàn-án, tí yóò wọ ipò ẹni tó lọ sí líífù, lórí ìlà onítọ̀hún gan-an.

Pàṣípààrọ̀ ni ó sábà máa ń ba rọ́sítà jẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì méjì bá fẹ́ gba iṣẹ́ ara wọn, ẹ wo ọjọ́ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e lórí ìlà àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn òru, òru tàbí ìsinmi nìkan ló lè tẹ̀ lé e: ẹni tó jáde ní aago 8 àárọ̀ tó tún ń wọlé ní aago 2 sinmi wákàtí 6 péré. Bí ẹnì kan bá lóyún tí a yọ ọ́ kúrò lóru, ẹ pín òru rẹ̀ ká láàárín gbogbo wọn, kì í ṣe fún ẹni tó sún mọ́ ọn jù. Lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, ẹ ka R ní ìsàlẹ̀ ọjọ́ àti ní ìparí ìlà:

```
=COUNTIF(B2:B9,"R")
=COUNTIF(B2:BE2,"R")
```

Èyí àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 2 lójoojúmọ́. Bí èkejì bá kọjá 14 fún ẹnì kan, ẹ kọ gbèsè òru náà sílẹ̀ níbi tí gbogbo wọ́ọ̀dù ti lè rí i, kí ẹ sì san án nínú ọ̀sẹ̀ 8 tó ń bọ̀.