Ẹ wo Máàsì yín kẹ́ ẹ tó jà

Ẹ̀yin tọkọtaya inú gúrúùpù yìí, kẹ́ ẹ tó sọ pé àmì ìràwọ̀ yín ò bára mu, ẹ lọ wo inú àmì tí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín, torí òun làwọn awòràwọ̀ máa ń wò tó bá dọ̀rọ̀ ìjà, ó sì lè yàtọ̀ sí àmì oòrùn tẹ́ ẹ mọ̀. Èyí tó le jù lójú tèmi ni ẹni tí Máàsì ẹ̀ wà nínú àmì Àgbò pẹ̀lú ẹni tí tiẹ̀ wà nínú àmì Akàn. Àgbò á pariwo, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti tán nínú ẹ̀, ó ti ń béèrè pé kí la máa jẹ. Akàn á ní "kò sí nǹkan kan", á wá máa fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ méjì kọ́rọ̀ yẹn tó jáde. Wọ́n máa ń ní kí Akàn dá aago, "mi ò tíì lè sọ̀rọ̀, ó di aago 8 alẹ́", kí Àgbò má sì tẹ̀ lé e wọ yàrá. Tí aago 8 bá lù, Akàn ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ (tí ò bá sọ, Àgbò á tún bẹ̀rẹ̀ o). Sáyẹ́ǹsì ò tì í lẹ́yìn ṣá, tó bá sì ti di pé ẹnì kan ń lu ẹnì kejì, ẹ gbé Máàsì tì, ẹ kúrò níbẹ̀.