HLXU kò sọ pé Jámánì ni ẹrù ti wá: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa lẹ́tà ara kọ̀ǹténà

Ẹni tó bá ń wá pánẹ́ẹ̀lì sólà rà l'Ákúrẹ́ lásìkò yìí á ti gbọ́ ọ rí: "Jámánì lèyí o, kì í ṣe Ṣáínà." Bí oníbàárà bá ní kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn òun, fọ́tò ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà ni àwọn ọlọ́jà kan máa ń fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. HLXU á hàn gbangba lókè ilẹ̀kùn náà, nọ́mbà á sì tẹ̀lé e. Wọ́n á ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Hapag-Lloyd ló ni lẹ́tà yẹn, Hámbọ́ọ̀gù ní Jámánì sì ni ilé-iṣẹ́ náà fìdí kalẹ̀ sí. Òótọ́ ni. Àmọ́ ibẹ̀ yẹn náà ni òótọ́ ọ̀hún parí sí.

Má fi lẹ́tà tó wà lára àpótí sọ ibi tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ti wá. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ àmì ẹni tó ni kọ̀ǹténà. Párísì ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní BIC wà, ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn tó ni kọ̀ǹténà kárí ayé ti ń forúkọ àmì wọn sílẹ̀ kí ẹni méjì má baà lo ẹyọ kan náà. Lẹ́tà kẹrin kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. U túmọ̀ sí pé kọ̀ǹténà ẹrù ni, Z wà fún tírélà tó ń gbé e, J sì wà fún àwọn ohun èlò tí wọ́n ń so mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹni tó bá rí U tó sì ń sọ pé Amẹ́ríkà ni ẹrù ti wá, ó ń ka ohun tí wọn kò kọ. Nọ́mbà mẹ́fà ló tẹ̀ lé lẹ́tà wọ̀nyí, lẹ́yìn náà ni ẹyọ kan tí wọ́n sábà máa ń fi àpótí kékeré yí ká. Ìṣirò ni ẹyọ ìkẹyìn yẹn wà fún: wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹni tó da nọ́mbà náà kọ ṣì í kọ.

Ẹ jẹ́ ká wo kòkó tiwa. Nígbà tí àwọn oníkòkó bá ra kòkó jọ láti Ìdànrè àti Òndó, tí wọ́n dì í sínú kọ̀ǹténà tí wọ́n kọ MSCU sí, tó gba Èkó lọ sí Amsterdam, MSC, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó wà ní Geneva ní Suwisaláńdì, ló ni àpótí yẹn. Kò sí ẹni tó máa dúró ní Amsterdam kó ní Suwisaláńdì ló gbin kòkó náà. Ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹténà kan náà ti gbé táìlì wọ Èkó lóṣù tó kọjá, kó sì jẹ́ aṣọ tàbí ẹ̀rọ ni yóò gbé lóṣù tó ń bọ̀. Lẹ́tà ara rẹ̀ kò ní yí padà ní gbogbo ìrìn náà. Hapag-Lloyd ń kó ẹrù láti Shanghai àti Ningbo ní Ṣáínà gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kó o láti Hámbọ́ọ̀gù, àpótí HLXU yìí kan náà sì ni.

Àṣìṣe kejì fara pẹ́ èyí, àmọ́ ó máa ń mú àwọn tó rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbà pé lẹ́tà kò sọ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé ó kéré tán ó sọ ọkọ̀ tó gbé ẹrù wá. Kò dájú. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹténà ló jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò ní ọkọ̀ ojú omi kankan, tó jẹ́ pé yíyá ni wọ́n ń yá wọn fáwọn ọlọ́kọ̀. TGHU jẹ́ ti Textainer, TCNU sì jẹ́ ti Triton. Bẹ̀múdà ni àwọn méjèèjì ti forúkọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà ló ń sọ orísun ọjà ni, erékùṣù kékeré yẹn ì bá ti di baba ìsàlẹ̀ ọjà àgbáyé! Àwọn lẹ́tà mìíràn ti dàgbà ju olówó wọn lọ: SUDU jẹ́ ti Hamburg Süd, ilé-iṣẹ́ tí ọlọ́kọ̀ ńlá Maersk rà lọ́dún 2017, síbẹ̀ àwọn àpótí náà ṣì ń rìn kiri.

Àwọn kan á tún lọ sídìí àwo irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n á rí orúkọ ilé-iṣẹ́ Ṣáínà níbẹ̀, wọ́n á sì figbe ta pé wọ́n ti lu àwọn ní jìbìtì. Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lọ nínú kọ̀ǹténà ayé, ti Maersk àti ti Hapag-Lloyd pẹ̀lú. Àwo yẹn ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe àpótí àti ìwọ̀n tó lè gbé láìléwu, kò sọ nǹkan kan nípa pánẹ́ẹ̀lì. Lọ́nà kan náà, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní Jámánì lè dé nínú àpótí CSNU, tí í ṣe ti COSCO ará Ṣáínà.

Kí wá ni kí olùrà ṣe pẹ̀lú fọ́tò HLXU yẹn? Béèrè bíìlì lọ́wọ́ ọlọ́jà, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi jẹ́rìí pé òun gba ẹrù. Nọ́mbà kọ̀ǹténà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti fọ́tò mu lẹ́yọ-lẹ́yọ, nọ́mbà sílì náà sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mu bí fọ́tò bá gbé e. Wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, torí fọ́tò ọdún tó kọjá ṣì ń káàkiri. Lẹ́yìn náà, wo èbúté tí wọ́n ti kó ẹrù sínú ọkọ̀. Bó bá jẹ́ Ningbo, àlàyé Jámánì ti wó lulẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ Antwerp ní Yúróòpù ńkọ́? Má tíì yọ̀. Èbúté tí ọkọ̀ ti gbéra ni bíìlì ń sọ, kò sọ ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà. Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà lè wà ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Yúróòpù fún oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó tún un kó wá síbí. Bákan náà, ẹni tó bá fi nọ́mbà wá kọ̀ǹténà lórí ojú òpó ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lè rí Lomé tàbí Tangier níbẹ̀, kó wá rò pé ibẹ̀ ni ẹrù ti ṣẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọkọ̀ nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ àpótí TCNU tàbí TGHU, ojú òpó ọlọ́kọ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí bíìlì ni kó ti wá a, kì í ṣe ti ẹni tó ni àpótí.

Ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló yẹ kí olùrà kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lébẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tó gbé orúkọ ẹni tó ṣe é, irú rẹ̀, agbára rẹ̀, nọ́mbà rẹ̀, àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Orúkọ tó dún bíi ti Jámánì lásán kò tó, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù kan ń gbé iṣẹ́ fún àwọn ará Ṣáínà, wọ́n á kàn lẹ orúkọ tiwọn mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ rà púpọ̀, bíi ti ilé ìjọsìn tàbí ilé-ìwé, lè ní kí ọlọ́jà mú ìwé ẹ̀rí orísun ọjà wá, èyí tí ẹgbẹ́ oníṣòwò ní orílẹ̀-èdè tí ọjà ti wá sábà máa ń fọwọ́ sí. Kó fi orúkọ àti irú pánẹ́ẹ̀lì inú ìwé náà wé ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó sanwó. Ọlọ́jà tó ní fọ́tò ilẹ̀kùn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí o yí pánẹ́ẹ̀lì dojú dé ní ìsọ̀ rẹ̀, iye pánẹ́ẹ̀lì Ṣáínà ni kó o san fún un.